Bíréèkì Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí, kò sì bí mi nínú. Èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ fídíò fún àwọn tí etí wọn ò gbọ́ràn. Ìlà méjì péré ni wọ́n gbà wá láyè, lẹ́tà méjìlélógójì lórí ìlà kan, kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà méjìlá lọ fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń kà á lè bá a. Wọ́n ń ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn. Ẹnu èèyàn sì yá ju ojú lọ. Ẹni tí kò bá lè gé ọ̀rọ̀, kó yáa lọ máa gé irun.

Lọ́sẹ̀ yẹn, fídíò ìyá tó bí mi ló dé orí tábìlì mi. Ogójì ọdún ni màmá mi fi kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, àwọn tó ti kọ́ sì fẹ́ wo fídíò ìdágbére rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ní Sátidé. Bàbá mi náà máa wà níbẹ̀. Wẹ́dà ni bàbá mi, ariwo irin ti jẹ etí rẹ̀ tán. Ohun tí mo bá kọ nìkan ni yóò gbọ́. Èyí tí mo bá gé, ó gé nìyẹn.

Màmá mi kì í sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń dà á sílẹ̀ bí àgbàdo. Ó ní nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òun, ẹnì kan fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú òun, lòun bá fẹ́ ẹ lọ́kọ. Ìyẹn wọ inú ìlà méjì wẹ́rẹ́. Mo pín in sí méjì kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín má baà hàn kí màmá tó yanu sọ ọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ló le:

"Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín o, ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé mi kiri, bíréèkì ẹsẹ̀ tèmi yẹn, mi ò tẹ̀ ẹ́ rí."

Lẹ́tà méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ọgọ́ta ni mo sì ní. Mo gé e: "Ṣùgbọ́n mi ò parọ́: ọgbọ̀n ọdún ló ti ń gbé mi kiri." Ó wọlé, ó tún ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn, mo kà á sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán. Mo dìde lọ mu omi.

"Sísọ́ọ̀sì, wá ná."

Ọ̀gá wa ni. Òun ló ń yẹ iṣẹ́ wa wò, ó sì máa ń kọ́kọ́ pa ohùn fídíò pátápátá. Ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. "Kí ni Màmá ń gbẹ́sẹ̀ sókè sí níbí? Mi ò rí ẹsẹ̀ kankan nínú ohun tó o kọ."

"Bíréèkì ni, sà. Mọ́tò tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ máa ń ní bíréèkì kejì lẹ́sẹ̀ olùkọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ pa wọ́n."

"Ṣé mọ́tò yẹn náà ni Bàbá fi ń gbé wọn kiri?"

"Òun náà ni, sà. Wọn ò ní òmíì."

"Wọn ò wá tẹ bíréèkì yẹn fún Bàbá rí?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Obìnrin tó tẹ bíréèkì fún èmi ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà ká tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Gbogbo ohun tó ní lọ́kàn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn, èmi sì ti gbá a dànù mọ́ pàǹtí. Ojú tì mí gan-an.

Mo padà sídìí ẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń gbé mi kiri, mi ò sì tẹ bíréèkì tó wà lẹ́sẹ̀ tèmi rí." Ó fi lẹ́tà mẹ́sàn-án lé. Mo yọ "sì", mo yọ "tó wà", mo tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe:

Ọgbọ̀n ọdún tó ń gbé mi kiri,
mi ò tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ tèmi rí.

Lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ọ̀gá tún pa ohùn, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti sọ̀rọ̀ báyìí."

Ní Sátidé, ojú bàbá mi nìkan ni mò ń wò. Nígbà tí màmá dé ibi pé òun fẹ́ ẹ lọ́kọ, gbọ̀ngàn dàrú, bàbá mi sì bá wọn bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn gan-an. Ẹ̀rín yẹn ò tíì rọlẹ̀ nígbà tí ìlà bíréèkì jáde. Bàbá mi kà á. Ó yíjú sí màmá tó jókòó tì í, ó fi ohùn gbàǹgbà ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀ sọ pé, "Irọ́ lò ń pa. O tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ yẹn sọdá."

Màmá rọra la ẹnu kó lè rí ètè rẹ̀. "Ewúrẹ́ yẹn ni mi ò fọkàn tán, kì í ṣe ẹ̀yin."

Bàbá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, omi sì lé ròrò sí i lójú. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò wọ́n, wọ́n ń bi ara wọn pé ewúrẹ́ wo, bíréèkì wo. Ẹ̀rín ti bo ohùn màmá nínú fídíò mọ́lẹ̀, wọn ò sì wo ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí n dá fídíò padà sẹ́yìn, kí àwọn náà lè gbọ́ ohun tí bàbá mi gbọ́.