Àyè Gókípà ní Àkókò Ìdánwò

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì ọdún 1995, Ọmọ́fẹ́ ìyàwó mi kú. A gbé e lọ sílé ní Oǹdó, a sin ín, a sì padà sí Bódìjà, èmi àti Fúnlọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún mi.

Fúnlọ́lá wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Òun náà ni gókípà ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, tí wọ́n ń ṣe ìgbáradì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé ní pápá kan lẹ́bàá Ring Road. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà ló ń kọ́ wọn. Kóòṣì ni gbogbo wọn ń pè é. Òfin rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tó bá pa ìgbáradì jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ̀. Fúnlọ́lá ti pa ọjọ́ díẹ̀ jẹ nígbà ìsìnkú ìyá rẹ̀, Kóòṣì sì gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n ìdánwò WAEC ń bọ̀, yóò sì gba oṣù karùn-ún wọ oṣù kẹfà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni Kóòṣì máa yan àwọn tí ń lọ ìdíje ní Jọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ náà kéré, gókípà kan ṣoṣo ló máa ń mú rìnrìn àjò. Àmúdàtù, ọmọ tó ń ṣe igbákejì Fúnlọ́lá, kì í pa ọjọ́ kankan jẹ.

Mo ṣe ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Mo mú Alàgbà Adéyẹmọ, ọ̀rẹ́ mi, dání lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, a lọ sílé Kóòṣì ní Challenge. Ọkùnrin náà kò tó àbúrò mi lọ́jọ́ orí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé mínírà fún wa. A ṣí fìlà.

Alàgbà ní, “Ọmọ la wá bẹ̀bẹ̀ fún. Ìdánwò dé. Ẹ má jẹ́ kó pàdánù níbí, kó má sì pàdánù lọ́hùn-ún.”

“Háà, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ dé fìlà yín. Kò sí wàhálà rárá. Kó lọ fojú sí ìwé rẹ̀.”

A dúpẹ́, a jáde. Ọ̀rọ̀ ti parí lójú tèmi.

Fúnlọ́lá ń dín dòdò nígbà tí mo wọlé.

“Kí ni wọ́n sọ gan-an, Bàbá?”

“Wọ́n ní kò sí wàhálà.”

“Ṣé wọ́n ní àwọn á fi àyè mi sílẹ̀?”

“Wọ́n ní kí o lọ fojú sí ìwé rẹ.”

Ó pa sítóòfù. “Bàbá, àgbàlagbà méjì ṣí fìlà níwájú wọn, nínú ilé wọn. Kí ni kí wọ́n sọ? Ṣé kí wọ́n ní rárá ni? Ẹ̀yin ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.”

Mi ò fẹ́ràn kí ọmọ máa túmọ̀ ayé fún mi. Ṣùgbọ́n mo ronú lọ, mo sì rí i pé ọkùnrin náà kò ṣèlérí ohunkóhun fún wa.

Fúnlọ́lá ní, “Èmi ni kí n lọ bá wọn ní pápá, kó tó di pé mo pa ọjọ́ kankan jẹ. Ẹ bá mi lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ikú Màmá bẹ̀ wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá torí àánú mú, orí bẹ́ǹṣì ni yóò jókòó sí.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a wọ takisí lọ sí Ring Road. A tètè dé, torí ó ní ẹni tó bá lọ bá Kóòṣì nígbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, igbe ni yóò gbà lésì. Bí àwọn ọmọ náà ṣe rí wa, wọ́n pariwo orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n sọ Fúnlọ́lá.

“Prófésọ̀ ti dé! Bàbá ló bá ẹ gbé báàgì wá?”

Fúnlọ́lá ní, “Bàbá mi fẹ́ wo bí ẹ ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sókè òpó ni.”

Ó dúró títí Kóòṣì fi fẹ́ atẹ́gùn sínú bọ́ọ̀lù tán, ó wá kúnlẹ̀ kí i.

“Ẹ káàsán, sà. Ọ̀rọ̀ ìdánwò mi ni.”

“Bàbá ti wá sílé, mo ti gbọ́. Mo ti sọ fún Àmúdàtù pé kó máa múra. Ìwọ lọ kàwé. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, o lè padà wá.”

Mo gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí. Ohun tí “kò sí wàhálà” já sí nìyẹn.

Fúnlọ́lá kò gbóhùn sókè. “Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Àyè ọjọ́ ìdánwò nìkan ni mo wá tọrọ.” Ó na ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìdánwò sí sí i. “Àwọn ẹ̀kọ́ tí mo ń ṣe nìkan ni mo fàlà sí nídìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mi ò ní lè wá. Màá wá ní Sátidé, àfi ọ̀sẹ̀ Ìṣirò.”

“Gókípà Sátidé! Ṣé àwọn ará Jọ́ọ̀sì á dúró de Sátidé kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù?”

“Màá máa sáré lówùúrọ̀ ní Bódìjà, màá sì máa ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, kí ọwọ́ mi má baà kú. Kí Àmúdàtù máa ṣe gókípà. Ọjọ́ tí mo bá parí ìwé tó kẹ́yìn, ọjọ́ kejì ni màá dé. Kẹ́ ẹ wá dán àwa méjèèjì wò lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ kàn má yọ orúkọ mi títí di ọjọ́ yẹn.”

Kóòṣì ka ìwé náà láti òkè délẹ̀.

“Àwọn tó kù, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti sá tán ni wọ́n ń wá ròyìn. Ìwọ ṣáájú wá. Ó dáa. Mi ò lè ṣèlérí aṣọ gókípà fún ọ, torí Àmúdàtù náà ń làágùn. Mo ṣèlérí ọjọ́ ìdánwò tèmi. Bí o bá pa Sátidé kan jẹ láìsọ fún mi, a ò bára wa sọ ọ́ mọ́.” Ó yíjú sí mi. “Bàbá, ṣé ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ fi kún un?”

Orúkọ Ọmọ́fẹ́ ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

“Rárá. Ó ti sọ ọ́ tán.”

Bó ṣe wí ló ṣe é. Mo máa ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lára ògiri ẹ̀yìnkùlé kí n tó wẹ̀ fún iṣẹ́. Ó ṣe ìdánwò, ó lọ ní Sátidé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ Ìṣirò dé, ó tún lọ rán Kóòṣì létí.

Ní ọjọ́ tí Kóòṣì dán wọn wò, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ mi ní Dùgbẹ̀, mo lọ. Àmúdàtù ló kọ́kọ́ ṣe gókípà. Ó mú bọ́ọ̀lù púpọ̀, àwọn ọmọ sì ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan Fúnlọ́lá, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé.

Ẹnì kan ní, “Prófésọ̀, ìyẹn ò sí nínú ìwé o!”

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ dá òmíràn padà, ó fi ẹsẹ̀ dá òmíràn, títí tí àwọn tó ń jù fi ń wo ara wọn. Kóòṣì fọn fèrè.

“Fúnlọ́lá ń lọ. Àmúdàtù, tìrẹ ni ọdún tó ń bọ̀. Mi ò gbàgbé àwọn ọjọ́ tí o dúró.”

Àmúdàtù sunkún díẹ̀, ó wá gba báàgì Fúnlọ́lá gbé. Mi ò mọ̀ pé ọmọdé lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ wọn gbéra lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo padà sílé, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí: sálúbàtà ilé ìwé tí okùn rẹ̀ ti já, bírò tí yíǹkì ti tán nínú rẹ̀, ìwé Bàólójì tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò, súwẹ́tà tí mo ní kó mú dání nítorí òtútù Jọ́ọ̀sì, ìkòkò ọbẹ̀ nílé ìdáná tí yóò tó mi jẹ títí yóò fi dé, bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́ dáadáa, ìró ìyá rẹ̀ tó ká sórí ìrọ̀rí, àti èmi.