Ìkéde Tí Kò Láyè Fún Ọjọ́

Ojú ìwé tí gbọ̀ngàn wa fi ń polongo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í gbà ju lẹ́tà ọgọ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ka kọ́mà, ó ń ka àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀, kì í wojú ẹnikẹ́ni. Èmi akọ̀wé ti ṣàlàyé èyí fún Alága ìgbìmọ̀ wa títí ó fi sú mi. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, ó gbé ojú ìwé kan àtààbọ̀ wọ ọ́fíìsì, ó ní kí n gbé e síta bó ṣe wà.

Mo kà á. Inú ìgbìmọ̀ dùn jọjọ. Lẹ́yìn náà inú wọn tún dùn gidigidi. Ilé ìwé tí Alága lọ tẹ̀ lé e, àti àwọn oyè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé kejì ni mo tó rí i pé àwọn kan fẹ́ kọrin.

Ọ̀rọ̀ orin yìí ká mi lára. Àbúrò màmá mi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà, ló ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin gbọ̀ngàn náà láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ìgbìmọ̀ sì ti ṣèpinnu pé bí èrò ò bá kún ìdajì gbọ̀ngàn níbi eré ìdágbére rẹ̀, kí wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká, kí wọ́n sọ yàrá tí wọ́n fi ń dánra wò di ibi tí wọ́n á máa kó àga sí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ohun tí ẹni tó bá fẹ́ wá máa béèrè ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀: eré wo, ọjọ́ wo, aago mélòó, níbo, èló, níbo la ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. "Jọjọ" lọ. "Gidigidi" tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ṣe tán, ohun tó wà níwájú mi nìyí:

*Orin Ìdágbére Tíṣà. Sátidé 14 oṣù kẹfà, aago 5 ìrọ̀lẹ́. Gbọ̀ngàn Ìlú, òdìkejì ilé ìfìwéránṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì: àgbà 2000, ọmọdé 1000, lẹ́nu ọ̀nà tàbí níbí:*

Línkì tíkẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀ lé e. Ó wọlé láìfún pọ̀. Inú mi dùn, jọjọ.

Alága wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á lórí fóònù mi, ó tún yí fóònù náà padà bíi pé nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi dà?"

"Ẹ máa wà níbi eré náà, sà."

"Mo ní níbí. Ta ni wọ́n fẹ́ wá wò?"

"Àwọn akọrin ni, sà."

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan. Bí oyè kan bá ṣe ń wọlé, nọ́ńbà tó ń ka lẹ́tà nísàlẹ̀ ń pọ́n bí ojú ẹni tí inú ń bí. Línkì ló kọ́kọ́ fẹ́ yọ, ó ní ó gùn jù.

"Bó ti wù kó gùn tó, iye lẹ́tà kan náà ni ojú ìwé náà máa kà á sí, sà. Àǹfààní ńlá ni."

Ó yọ ọ́. Ó yọ "òdìkejì ilé ìfìwéránṣẹ́," ó ní ta ni kò mọ gbọ̀ngàn. Ó ń sún lọ sídìí owó nígbà tí Màmá Akápò, obìnrin tó ń tọ́jú owó ìgbìmọ̀, gbójú sókè nídìí tíkẹ́ẹ̀tì tó ń já.

"Ẹ má fọwọ́ kan iye owó o. Bí mo bá tún ní láti bá èèyàn fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà máa fẹ̀yìn tì."

Alága fi owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n "Bàbá Ẹgbẹ́ Akọrin" ò tíì ráyè wọlé. Ó wo ọjọ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Sátidé 14 oṣù kẹfà, kí ni gbogbo ìyẹn? Ṣebí ọ̀la ni?"

"Ọ̀la ni lónìí, sà. Ẹni tó bá rí i lọ́la ńkọ́?"

"Kó ti rí i lónìí."

Báyìí ni ìkéde wa ṣe jáde:

*Àṣálẹ́ Orin lábẹ́ ìdarí Ọ̀mọ̀wé Onímọ̀ Ẹ̀rọ, Alága Ìgbìmọ̀, Olùrànlọ́wọ́ Àgbà fún Orin, Bàbá Ẹgbẹ́ Akọrin. Ọ̀la, aago 5 ìrọ̀lẹ́. Gbọ̀ngàn Ìlú. Àgbà 2000, ọmọdé 1000.*

Tíṣà ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo bẹ Alága pé kó jẹ́ ká pa á rẹ́ ká tún un kọ, nítorí ojú ìwé wa ò gbà kéèyàn ṣàtúnṣe ohun tó ti jáde. Ó ní èèyàn mẹ́ta ti fẹ́ràn rẹ̀, òun ò lè dójú tì wọ́n. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ni ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó wà lórí pèpéle pọ̀ ju àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ. Alága ka gbogbo ojú ìwé kan àtààbọ̀ fún àwọn àga. Tíṣà darí orin bíi pé gbọ̀ngàn kún, ìyẹn ló fẹ́ pa mí lẹ́kún. Lẹ́yìn eré, Alága gbá a léjìká, ó ní ó mà ṣe o, ìpinnu ni ìpinnu.

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé lójú ọ̀sán ọjọ́ yẹn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò kan tí èrò ń tẹ̀ lé bí omi ti rí ìkéde wa, ó sì pín in. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e síta wà lókè rẹ̀ lóòótọ́, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ta ló ń ka ìyẹn? Ohun tí wọ́n rí ni "Ọ̀la."

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Tíṣà wá kó àwọn ìwé orin rẹ̀. Nígbà tí a máa fi jáde, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà títí dé ojú títì.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn?" obìnrin kan na fóònù sí mi lójú. "Ṣebí aago márùn-ún lẹ kọ?"

Mo ti fẹ́ ṣàlàyé. Tíṣà di apá mi mú.

"Pe àwọn akọrin. Bí wọ́n bá ṣe wà ni kí wọ́n máa bọ̀."

Wọ́n wá. Ọ̀kan ṣì wọ bàtà ilé, òmíràn gbé ọmọ sẹ́yìn. Màmá Akápò sáré dé, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́rìn-ín tẹ́rìn-ín. Kò sí àga tó ṣẹ́kù. N ò gbọ́ kí wọ́n kọrin bẹ́ẹ̀ rí, mo sunkún, n ò sì tijú.

Ìlàjì eré ni Alága tó já wọlé. Kò rí àga. Ó dúró sẹ́yìn títí a fi parí, ó wá ní a ò lè ka èyí mọ́ ọn, Sátidé ni eré ìdágbére.

"Ìkéde ta ni?" Màmá Akápò bi í. "Ẹ ní ọ̀la. Ọ̀la náà ni wọ́n wá. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́, oyè yín wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn kún, ẹgbẹ́ ò tú ká."

Alága yíjú sí mi.

"Ó dáa. Pa ìkéde yẹn rẹ́ kíá, kí wọ́n má tún wá lọ́la."

Mo mú fóònù jáde. Tíṣà, tó ti ń kó ìwé orin rẹ̀ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ò bojú wẹ̀yìn.

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi," ó ní. "Ọ̀la ni mo máa dágbére."