Àwọ̀ Ewé Kò Bo Òrùlé

"Pa á dà," ni ọ̀gá wí.

"Mi ò ní pa á dà, sà."

Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń kùn lókè, bí àgbàlagbà tí wọn ò dá lóhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sí kọ̀ǹpútà kejì gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, ó wo ọ̀gá, ó wo obìnrin náà, ó ní, "Olóríkunkun, ṣé o jẹun láàárọ̀ yìí ṣá?"

Olóríkunkun ni wọ́n ń pe obìnrin náà láti ọjọ́ tó ti wọ ilé-iṣẹ́ náà. Aláwàdà ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Àwọn méjèèjì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣírò ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò dé àti ibi tí kò ní dé. Bí ìkọ́ṣẹ́ bá parí, ẹnì kan péré ni wọn yóò gbà síṣẹ́. Ọ̀gá ló sì máa yàn án.

Iṣẹ́ ìdánrawò tí ọ̀gá fún wọn ni láti ya àwòrán agbègbè mẹ́ta: àárín ìlú, ẹ̀yìn ìlú àti ìgbèríko. Kí wọ́n yan ìlànà ìṣirò tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, kí wọ́n sì fi àwọ̀ hàn bóyá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀ tó. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó tó, pupa túmọ̀ sí pé kò tó. Méjì àkọ́kọ́ kò níjà nínú. Ẹ̀kẹta ló dá ogun sílẹ̀, nítorí ọ̀gá ti sọ fún ọ̀gá àgbà lókè pé òpó kan tó wà níbẹ̀ ti tó, ó sì fẹ́ gbé àwòrán náà lọ fi jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n pupa ni Olóríkunkun fi kùn ún.

"Kí ni ilẹ̀ yẹn?" ni ọ̀gá bi í, ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Oko. Àwòrán ilẹ̀ tí a rà pè é ní oko. Ìlànà pápá gbalasa ni kí o lò."

"Àwòrán yẹn ti pẹ́, sà. Àwọn èèyàn ti kọ́lé síbẹ̀. Òrùlé ń wo òrùlé lójú."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ibẹ̀ ni ìyá mi ń gbé. Orí tábìlì ni wọ́n ń gùn kí wọ́n tó lè pè mí."

Aláwàdà bú sẹ́rìn-ín. "Tábìlì ti di òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì!"

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Inú ilé ni ìyá rẹ wà. Ògiri ń jẹ ìgbì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìta ni ìṣirò wa ń sọ. Àti pé ilé kan kì í ṣe agbègbè."

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yẹn, ó sì dùn ún pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kan àwọ̀ náà. Ìgbì tó ń ti orí òpó jáde máa ń rẹ̀ bó ṣe ń rìn jìnnà, ìlànà Hata tí wọ́n fi ń díwọ̀n àárẹ̀ yẹn sì ní ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti àárín ìlú ló ń ka àárẹ̀ jù. Lórí ìgbì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún mẹ́gáháàsì tí ilé-iṣẹ́ wọn ń lò, wọ́n á yọ nǹkan bíi désíbẹ́lì mẹ́wàá, òṣùwọ̀n àárẹ̀ náà, kúrò nínú rẹ̀ fún ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ilé wà ṣùgbọ́n tí kò ga. Fún pápá gbalasa, wọ́n á yọ ju méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Ẹni tó bá mú ti pápá lọ síbi tí ilé kún, ńṣe ló ń fún ìgbì ní okun tí kò ní. Gbogbo ilẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ á sì máa gun tábìlì.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wọ̀n ọ́n, sà," ló wí.

"Lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá mú bọ̀, kí o rántí pé àyè kan ló wà."

"Mo rántí, sà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wakọ̀ fún ilé ìtajà kan, ló gbé e lọ. Obìnrin náà gbé fóònù ìwọ̀n ka iwájú ọkọ̀, èyí tó ń kọ agbára ìgbì sílẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń lọ. Bí wọ́n ṣe dé ìdí òpó, ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi. Ìlànà yìí kò mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ kìlómítà kan. Ẹ jẹ́ ká jìnnà sí i ná."

"Ìlànà tí kò mọ ìdí ilé ara rẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. "Ẹ̀yin ẹnjiníà yìí!"

Wọ́n wọ òpópónà, wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé ìwé, wọ́n gba iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Láàárín àwọn ilé, ìgbì náà rẹ̀ gan-an bó ṣe sọ. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jáwé olúborí. Àfi ìgbà tí wọ́n kọjá odò kékeré. Ilé tán, ilẹ̀ tẹ́ lọ salalu, ìgbì sì lágbára ju ohun tó ti ṣírò lọ fíìfíì.

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n dúró. Kọjá odò, oko ni lóòótọ́. Ìlànà ọ̀gá ló bá ibẹ̀ mu, òun sì ti fi pupa kun gbogbo rẹ̀ nítorí inú tó ń bí i.

"Kí ló dé?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Èmi náà ti kọ́lé sórí oko olóko."

Nígbà tó padà, ó pín àwòrán náà sí méjì ní ojú odò. Ó fún apá ibi tí ilé wà ní ìlànà ẹ̀yìn ìlú, ó fún apá kejì ní ti pápá. Ó fi gbogbo ohun tó wọ̀n síwájú Aláwàdà àti ọ̀gá, ó ní, "Kọjá odò, ẹ̀yin lẹ jàre, sà. Mo ṣì í. Níbi tí ilé wà, ẹ̀yin lẹ ṣì í."

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú wò ó. Àmì pupa wà láàárín àwọn ilé bí èéyi. "Mo ti sọ̀rọ̀ lókè."

"Ọ̀rọ̀ kì í gbé ìgbì, sà."

"Tí mo bá ní kí o kùn ún ní àwọ̀ ewé, kí iṣẹ́ di tìrẹ ńkọ́?"

Olóríkunkun fẹ́ iṣẹ́ náà débi pé ó máa ń lálàá àga rẹ̀. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, sà. Ìyá mi kọ́ ni tara mi nìkan níbẹ̀. Mi ò ní kùn ún."

Ọ̀gá yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ìwọ, kùn ún."

Aláwàdà na ọwọ́ sí bọ́tìnì. Ó wo ìwọ̀n náà, ó tún un wò. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ká a sí àyà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti rí i, sà. Ẹni tó bá ti rí i kò lè sọ pé òun ò rí i."

Ọ̀gá dúró láàárín àwọn méjèèjì bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Níkẹyìn, ó tẹ àwòrán náà jáde bó ṣe wà, pẹ̀lú pupa rẹ̀, ó sì gba orí àtẹ̀gùn lọ sókè láìsọ ẹni tóun máa yàn.

Obìnrin náà gbé fóònù. Ó dún pẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó gbé e, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun tábìlì ni. Ṣé wọ́n ti gbà ọ́?"

"Wọn ò tíì sọ, Màámi. Ṣùgbọ́n àwòrán àdúgbò yín ti gòkè, mi ò sì pa á dà."

"Kí lo wí? Mi ò gbọ́—"

Ìpè náà já. Aláwàdà wò ó. Obìnrin náà tún nọ́ńbà ìyá rẹ̀ tẹ̀.