Ojú Ìwé Kẹrin

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣì ṣeé kà. Mo gbé e kúrò ní Lọ́kọ́ja lọ́dún 1958, mo gbé e dé Kàdúná, mo sì gbé e dé ìlú tí mo wà yìí, níbi tí n kì í ti í gbọ́ Yorùbá mọ́ àfi lórí fóònù. Àwọn ọmọ mi rò pé ìwé ilé-ìwé mi ni.

Ilé ìgbẹ̀bí ni à ń kọ́ nígbà náà, lẹ́yìn gbàgede Paparanda, níbi tí ilẹ̀ ti dà lọ sí odò. Olóyè Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọmọ Ìjùmú ni, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ló ń ná Lọ́kọ́ja sí Kábà. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú sójú ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń gbé e lọ bímọ, ó sì ti ṣèlérí fún ìjọ wa pé irú rẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ má rò pé ènìyàn búburú ni.

Lìádì ni ọ̀gá bíríkìlà wa, ọmọ Ìlọrin tí bàbá bàbá rẹ̀ ti tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja àtijọ́. Bíríkìlà márùn-ún ló kó lẹ́yìn, pẹ̀lú Mákánjúọlá káfíńtà. Èmi ni akọ̀wé iṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ìgbìmọ̀ ìjọ ló yàn mí, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ ìdí rẹ̀: Olóyè ló rán mi lọ sílé-ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Iṣẹ́ ò tíì pé oṣù kan tí Olóyè fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa dà. Yàrá ìgbẹ̀bí ló ní ká kọ́kọ́ kọ́. Nígbà tó tún dé, ó ní ká fi í sílẹ̀, ká lọ gbẹ́ kànga. Kànga ò tíì kan omi tó fi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sódò ló yá, kí àwọn aláboyún lè rí atẹ́gùn. Jímọ́ọ̀, bíríkìlà tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, ní ká kúkú gbé ilé náà sórí ọkọ̀ akẹ́rù Olóyè, kó máa gbé e kiri bó ṣe wù ú.

Lìádì ò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí n wá ìwé kan. Kò mọ ìwé oyìnbó kà, ti Lárúbáwá ló mọ̀, síbẹ̀ òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa kọ ọ́. Kí n kọ ọjọ́. Kí n kọ ohun tí Olóyè ní ká ṣe, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Kí n kọ iṣẹ́ tó máa dúró nítorí rẹ̀, àti iye ọjọ́ tó máa fi pẹ́. Kí n kọ orúkọ àwọn tó gbọ́. Kí n wá kà á sí Olóyè létí, kó fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

“A ò fi dí i lọ́wọ́ o, Akọ̀wé,” ó ní. “Bó bá wù ú, kó yí i pa dà lójoojúmọ́. Kó ṣáà mọ ohun tó ń yí.”

Ọgbọ́n náà sì ṣiṣẹ́. Ojú ìwé kìíní, a pa dà sí yàrá ìgbẹ̀bí. Ìkejì, ó fẹ́ kí fèrèsé fẹ̀ sí i, ó gbọ́ pé ọjọ́ mẹ́fà ló máa gbà, ó fọwọ́ sí i. Nígbà kẹta, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wù ú. Mo kà á fún un pé ògiri amọ̀ kò lè ru pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pé a máa tú ìpìlẹ̀, pé òjò máa bá wa láìní òrùlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀. Mo kọ ìyẹn náà, ó fọwọ́ sí i.

Oṣù kẹta ọdún, ògiri ti dúró, Mákánjúọlá ti ń kan igi òrùlé. Olóyè dé pẹ̀lú àlejò méjì, ìjòyè láti ilé rẹ̀ ní Ìjùmú. Ó ní Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń bọ̀ wá wo ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí gbogbo wa fi òrùlé sílẹ̀, ká mọ ọgbà yí ilé ká, ká sì ṣe géètì.

Lìádì tẹrí ba díẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ògiri amọ̀ ni. Bí òjò bá bá a ní ìhòòhò, ó máa wó.”

Olóyè ní òjò ṣì jìnnà. Lìádì wojú mi. Mo ṣí ìwé, mo mú gègé.

“Pius,” Olóyè wí, pẹ̀lú ẹ̀rín, “ṣé bí ọlọ́pàá ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ olè sílẹ̀ nìyẹn? Èmi tí mo ní kí wọ́n kọ́ ọ ní ìwé?”

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ kì í bèèrè ẹ̀rí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ ọ, pàápàá lójú ará ilé. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo pa ìwé dé.

Mo sọ fún Lìádì pé mo máa lọ bá Olóyè nílé lọ́jọ́ Sátidé, kó fọwọ́ sí i níkọ̀kọ̀. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sídìí ọgbà. Mo lọ lóòótọ́. Mo kọjá níwájú ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wo ọ̀nà bí ẹni tó ń lọ síbòmíràn. N kò yà síbẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn àṣẹ Olóyè ni òjò dé, òjò àkọ́rọ̀, tòun ti ìjì. Géètì ò tíì parí. Ògiri méjì yàrá ìgbẹ̀bí wó lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ pàdé lọ́jọ́ kejì nínú ìjọ, Alàgbà Bámiṣayé ló jókòó níwájú. Olóyè ní òun kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kúrò nídìí òrùlé, òun kàn ní kí wọ́n fi ọgbà kún un ni. Mo rò pé ó gba ara rẹ̀ gbọ́. Àwọn àlejò ti pa dà sílé. Lìádì ní kí wọ́n mú ìwé wá.

Alàgbà ka ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, ó rọra kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Gbogbo ohun tí Olóyè yí pa dà ló wà níbí, tòun ti ìfọwọ́sí rẹ̀. Bó bá sọ èyí náà, kí ló dé tí kò sí níbẹ̀?”

Ẹ wò ó, ìwé tí Lìádì fi ṣe ààbò fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ló wá ń jẹ́rìí takò wọ́n. Ká ní a ò kọ ohunkóhun rí, ìbá sàn.

“Ẹ bi Akọ̀wé,” Lìádì wí. “Ojú rẹ̀ ló ṣe.”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Olóyè náà wò mí, kò bínú. Bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tí mo yege ìdánwò ló ṣe wò mí.

“Kò sí nínú ìwé, sà,” ni mo wí.

Òótọ́ ni. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pé òótọ́ ni.

Wọ́n lé Lìádì àti gbogbo àwọn tó kó lẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tàn ká Lọ́kọ́ja pé Lìádì fi ògiri sílẹ̀ fún òjò, kò sì sí ẹni tó tún pè é sí iṣẹ́ ilé ńlá mọ́. Mo gbọ́ pé búlọ́ọ̀kù amọ̀ ló ń gé tà ní àdúgbò Adankolo títí ó fi darúgbó.

Ó wá kó irin iṣẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo kàn bá a kó wọn sínú àpò. Ó ní kí n mú ìwé wá. Ó ṣí i dé ojú ìwé kẹrin, ó fi àtàńpàkò tó kún fún ẹrẹ̀ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́.

“Kò dìgbà tó bá fọwọ́ sí i,” ó ní. “Ká ní o kọ ọ́ lásán lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú orúkọ tìrẹ nídìí, ìbá tó wa.”

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kí mi, ó lọ.

Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́ sórí abala mìíràn láti ọdún wọ̀nyí. Mo máa ń kọ ọjọ́. Mo máa ń kọ ohun tí Olóyè wí, mo sì rántí rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Bí mo bá dé ibi tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tó gbọ́, ọwọ́ mi á dúró. N óò wá ya abala náà, n óò pa ìwé dé. Lórí ojú ìwé kẹrin gan-an, ẹrẹ̀ àtàńpàkò Lìádì nìkan ló wà níbẹ̀.