Ẹgbàá Ebè Lójú Eékà

Orúkọ àbúrò ìyá mi ló kọ́kọ́ jáde nínú Àhámọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú sì bí mi sí kọ̀ǹpútà tí èmi fúnra mi kọ́ ní ohun tó ń ṣe.

Nígbà yẹn, lọ́dún 1993, mo ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ kan tó ń pín igi ẹ̀gẹ́ tuntun fún àwọn àgbẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà. Àrùn ti ba ẹ̀gẹ́ gbogbo èèyàn jẹ́, ewé rẹ̀ ń ká kò. Ẹni tí kò bá rí igi tuntun gbìn kí òjò tó dá, kò ní rí gàrí dín lọ́dún tó ń bọ̀. Làmídì máa ń gun alùpùpù kiri abúlé, á kọ ohun tí oníkálukú fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù, èmi á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Kí kọ̀ǹpútà tó tẹ ìwé fún awakọ̀, ó gbọ́dọ̀ yẹ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wò. Ṣé a mọ abúlé náà? Ṣé a ní irú igi tí wọ́n kọ? Ṣé nọ́ńbà ló wà lójú eékà, ṣé kò sì ju ogún lọ? Èyí tó bá yẹ, ó ń lọ. Èyí tí kò yẹ, kọ̀ǹpútà kò ní tún un ṣe. Á gbé e sínú àkójọ tí a ń pè ní Àhámọ́, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, á kọ ohun tó ṣe é sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì mú èyí tó kàn. Lọ́dún tó ṣáájú, ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò dáa ló dá gbogbo iṣẹ́ dúró, títí igi fi gbẹ sínú ọkọ̀. Èmi ò tún fẹ́ rí irú rẹ̀.

Ohun tó wà níwájú mi nìyí: Mùjíbátù, Lalupon, eékà 2000. Mo wo fọ́ọ̀mù, bí Làmídì ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé, yọjú láti ẹ̀yìn mi. “Títíladé, yọ òdo mẹ́ta kúrò níbẹ̀. Eékà méjì ni wọ́n fẹ́ kọ. Ṣebí ìyá rẹ ni?”

Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Oko kan ṣoṣo ni obìnrin náà ní, òun ló tọ́ mi dàgbà, mo sì mọ̀ pé ó ń wo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé méjì ni? Tí mo bá méfò fún ìyá tèmi, ta ni mo fẹ́ sọ fún pé kó má méfò fún tirẹ̀?

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ bi wọ́n.”

Ọkọ̀ lọ láìsí tirẹ̀. Nígbà tí mo dé Lalupon lọ́sàn-án, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lójúde, kò gbójú sókè.

“Àwọn ará ilé kejì ti gba tiwọn,” ló wí. “Ọmọ mi ló wà nídìí ẹ̀rọ, orúkọ tèmi ló há. Ó dùn mí, Títí.”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Eékà mélòó ni oko yín?”

“Kí ló ń jẹ́ eékà? Làmídì ní báwo ni oko mi ṣe tóbi tó, mo ní ẹgbàá ebè. Kí ni wọ́n tún fi ń ka oko?”

A jọ lọ sóko, mo fi okùn wọ̀n ọ́n. Kò pé eékà kan. Ká ní mo yọ òdo wọ̀nyẹn ni, igi eékà méjì là bá já síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á sì gbẹ sẹ́yìn ilé, nígbà tí ẹlòmíràn ń wá a. Mo ṣàlàyé fún un, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ṣé èmi nìkan ni mo fi ebè ka oko ní Lalupon?”

“Rárá, mà.” Ọ̀pọ̀ ló wà nínú Àhámọ́ tó jẹ́ pé ohun kan náà ló ṣe wọ́n.

“Ta ló wá ń lọ bá àwọn tó kù?”

“Làmídì ni.”

“Làmídì tó fi ebè sójú eékà?” Ó so gèlè rẹ̀ le. “Gbé okùn rẹ. Ilé Sàníù la ó ti bẹ̀rẹ̀, òun náà ò rí tirẹ̀ gbà. Ọmọ tirẹ̀ kò sí nídìí ẹ̀rọ.”

Títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, oko lẹ́yìn oko la wọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, mo fi ojú ebè kún fọ́ọ̀mù, mo fi eékà tí a wọ̀n tún gbogbo wọn tẹ̀, mo sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yẹ̀ wọ́n wò bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n yẹ.

Èmi fúnra mi bá ọkọ̀ kejì lọ sí Lalupon. Nígbà tí wọ́n ń já ẹrù, ìyá mi kékeré ò tíì yà sídìí tirẹ̀. Ìdí igi Sàníù ló dúró sí, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.