Máàkì Mẹ́sàn-án Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé

Akọ̀wé ìdánwò gbé ìwé ìdáhùn náà lé orí tábìlì, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ bọ̀rọ̀.

"Wíwò ni o, kì í ṣe kíkọ," ó ní. "Kò sí bírò, kò sí fóònù. Bí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ dá a padà fún mi."

Obìnrin tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó padà wá jókòó sí yunifásítì pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tí ó tó í bí lọ́mọ. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ ní Màmá Kíláàsì. Ó ti yege nínú gbogbo ohun tí ó ṣe ní ọdún tó kẹ́yìn yìí, àfi ìṣirò ìwádìí nìkan. Máàkì méjìdínlógójì ni wọ́n kọ sí i, ogójì sì ni ẹni tó bá máa yege gbọ́dọ̀ ní. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò náà. Bí kò bá yege, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó gboyè, ipò igbákejì ọ̀gá tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń dá dúró dè é yóò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un láìfi bò: àwọn kò lè dúró ju ọdún yìí lọ.

Ó ṣí ìwé náà bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn. Tábìlì kékeré kan wà lójú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí olùkọ́ kọ máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí: mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá, mẹ́rin, méje. Ó ro wọ́n pọ̀. Méjìdínlógójì ni lóòótọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú ìwé níkọ̀ọ̀kan. Ó dé ìbéèrè kẹta, ó sì rí i pé ìlàjì ni ó dáhùn níbẹ̀. Ó wá rántí pé ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà rú òun lójú lọ́jọ́ náà, pé òun fi í sílẹ̀, òun lọ ṣe ìkẹrin, kí òun tó padà wá parí rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé. Apá tó kù wà níbẹ̀, íńkì pupa sì wà lára rẹ̀: olùkọ́ kọ "9" síbẹ̀, ó sì fi òbìrí yí i ká.

Mẹ́sàn-án. Kò sí níbì kankan lójú ìwé àkọ́kọ́.

"Màdáámù," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí."

Akọ̀wé wò ó, ó tún ṣí iwájú, ó fún ẹnu pọ̀. "Èmi ò rí nǹkan kan o; kì í ṣe ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ lọ kọ lẹ́tà sí Dókítà tó kọ́ yín ní ìṣirò náà, kí ó gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka kọjá. Kí ẹ sì kọ ọ́ dáadáa. Dókítà ò fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ fún un pé kò mọ ìṣirò."

*

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì wọn tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, nítorí kò sí ohun tí kì í jiyàn lé. Òun ni ó bá a kọ lẹ́tà náà, lórí àga gígùn tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé.

"Ìwọ, má fi 'àṣìṣe' síbẹ̀," ni Màmá Kíláàsì wí.

"Màmá wa, àṣìṣe ni nǹkan tó ṣe."

"Mo mọ̀. Kọ ọ́ pé mo ṣàkíyèsí."

"Ẹ ṣàkíyèsí àṣìṣe."

"Mo ṣàkíyèsí, ó tán!"

Nígbà tí wọ́n jà á títí, ohun tí ó jáde nìyí:

*Ọ̀gá wa tí a bọ̀wọ̀ fún, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ kọ lẹ́tà yìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi tún ìwé ìdáhùn mi yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n fún mi láàyè láti wò ó, mo ṣàkíyèsí pé máàkì mẹ́sàn-án tí ẹ fún mi lórí apá kejì ìbéèrè kẹta, lẹ́yìn ìwé, kò sí nínú àròpọ̀ tó wà níwájú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín, n kò sì fi èyí dá yín lẹ́bi rárá.*

Ibẹ̀ ni ó yẹ kó parí sí. Ṣùgbọ́n Lọ́yà fi gbólóhùn kan kún un: *Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún gbogbo rẹ̀ máàkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.*

"Kí lèyí fún?"

"Ẹni tó gbàgbé mẹ́sàn-án lè gbàgbé mẹ́ta síbòmíràn. Ṣé ẹ tún fẹ́ padà wá kúnlẹ̀ ni? Ẹ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà."

Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n létí rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, ó sì fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí ó ti ń se oúnjẹ, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi mú ìwé ìbéèrè jáde láti fi han ọkọ rẹ̀ bí ìṣirò náà ti le tó. Ìbéèrè kejì ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà nínú òpó kan: mẹ́rin, mẹ́sàn-án, méjìlá, mẹ́wàá, márùn-ún. A ó rò wọ́n pọ̀, a ó sì pín àròpọ̀ náà láti rí ìpíndọ́gba.

"Ogójì," ni ọkọ rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà, kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ìsàlẹ̀ òpó náà lójú ọkàn rẹ̀ bí ó ti rí i ní ọ́fíìsì akọ̀wé: méjìlélógójì ni òun kọ síbẹ̀. Méjìlélógójì yìí ni òun sì fi ṣe gbogbo ohun tó kù nínú ìbéèrè náà. Síbẹ̀, àmì pupa tó ń sọ pé ó tọ́ ló kún ojú ìwé yẹn, òun sì gba máàkì mẹ́tàlá.

"Kí ló dé?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Olùkọ́ fún mi ní máàkì tí kò tọ́ sí mi."

"Ṣé ìyẹn náà ni ẹ̀dùn? Dúpẹ́."

"Mo ti ní kó tún gbogbo rẹ̀ máàkì."

Obìnrin náà fi orí ro ó: ẹni tó bá tún un máàkì yóò rí méjìlélógójì náà. Bí ó bá gba máàkì mẹ́jọ péré padà nínú mẹ́tàlá yẹn, mẹ́tàdínláàádọ́ta tí òun ń retí á di mọ́kàndínlógójì. Ìṣirò yìí ni ó ń ṣe lọ́kàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí òun bá jẹ́ ẹni tó ń máàkì, òun á fagi lé e látòkè délẹ̀. Bí òun ti ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì òun nìyẹn: ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá pé, kò rí nǹkan kan.

*

Dókítà kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń dìde díẹ̀ lórí àga bí obìnrin náà bá wọlé. Lọ́jọ́ tó ránṣẹ́ pè é nítorí lẹ́tà náà, kò dìde. Lẹ́tà wà níwájú rẹ̀, ìwé ìdáhùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Màmá. Lẹ́tà yín tutù gan-an. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni ẹ bèèrè nínú rẹ̀, ọ̀nà wọn ò sì papọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bó bá jẹ́ àròpọ̀ ni, èmi fúnra mi á ṣe é níbí, olórí ẹ̀ka á fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ ìdánwò á sì gbà á wọlé. Bó bá jẹ́ pé kí a tún gbogbo rẹ̀ máàkì ni, olùkọ́ mìíràn ló máa ṣe é. Ohun tó bá fún yín ni ẹ ó gbà. Ó lè lọ sókè, ó lè wá sílẹ̀. Èwo lẹ fẹ́?"

"Àròpọ̀ ni, sà. Àròpọ̀ nìkan."

Dókítà fa ìlà sórí gbólóhùn Lọ́yà, ó ní kí ó fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé ìdáhùn, ó sì ń fi ìka ka máàkì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé ẹ̀yìn ìwé, ó fi ìka tẹ mẹ́sàn-án náà.

"Ìbéèrè kan ni mo máa ń máàkì fún gbogbo yín kí n tó bọ́ sí òmíràn," ó ní. "Mo ti kọ mẹ́rin síwájú kí n tó rí èyí, n kò sì padà lọ fi kún un. Ẹ ò sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé ó kù lẹ́yìn. Àṣẹ yẹn wà lójú ìwé àkọ́kọ́."

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Àwa méjèèjì ni." Ó kọ mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó ṣí bírò láti fọwọ́ sí i. "Ìwé tí máàkì rẹ̀ bá yí padà a máa wà lára èyí tí olùyẹ̀wò láti yunifásítì mìíràn máa kà. Ìlànà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí já a láyà. Ó rí àjèjì kan tó ń ka òpó ìbéèrè kejì níwájú ìgbìmọ̀, tó ń béèrè ohun tí ó dé. Ó rí ipò igbákejì ọ̀gá tí wọ́n gbé fún un, tí wọ́n sì tún gbà padà. Bí òun bá dákẹ́, bóyá kò ní í ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n òun á máa fi etí sílẹ̀ dè é ni.

"Sà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wo ìbéèrè kejì."

Bírò dúró lófuurufú. "Kí ló ṣe é?"

"Ogójì ló yẹ kí n kọ. Méjìlélógójì ni mo kọ. Ẹ sì fún mi ní mẹ́tàlá."

Dókítà wò ó, ó wo ìwé, ó tún wò ó. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ yà dà nù.

"Ẹ sún mọ́ ibí," ni ó wí níkẹyìn. Ó fi orí bírò tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ òpó náà. Àmì kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò kíyè sí tẹ́lẹ̀: òdo, pẹ̀lú ọfà tó lọ sísàlẹ̀. "Mo rí i. Mo gba máàkì méjì lọ́wọ́ yín fún àròpọ̀ tó yẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi méjìlélógójì yín ṣiṣẹ́ fúnra mi, mo sì rí i pé gbogbo ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn rẹ̀ bá a mu. Ẹ̀ẹ̀kan la ń jẹni níyà fún àṣìṣe kan. Ìdí tí ọfà fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Mẹ́tàlá yín pé."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀yin náà ẹ̀ ń kọ́ni ní ìṣirò, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ̀ ń ṣe?"

Ojú tì í. "Mò ń fagi lé gbogbo rẹ̀ ni, sà."

"Háà! Màmá, ẹ le o!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fọwọ́ síwèé náà, ó kọ déètì, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. "Ẹ máa retí ìgbìmọ̀."

Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Sà, ẹ gba méjì lọ́wọ́ mi nítorí pé n kò lè ro nǹkan pọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló máa wá gba méjì lọ́wọ́ yín?"

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Dókítà wo mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìn ìwé, ó wo obìnrin náà.

"Olórí ẹ̀ka," ó ní. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé e lọ báyìí. Ẹ bá mi gbàdúrà."

Níta, Lọ́yà ń rìn síwájú sẹ́yìn. "Màmá wa, ṣé ó tún un máàkì?"

"Rárá. Ó rò ó pọ̀ ni." Ó fara ti ògiri. "Mẹ́tàdínláàádọ́ta."

"Mo wí bẹ́ẹ̀! Lẹ́tà mi ni!"

"Gbólóhùn rẹ tó kẹ́yìn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí," ni ó wí, ó sì ń fi ìka rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá, mẹ́rin, mẹ́sàn-án, méje, kí ó lè dá a lójú kí ìgbìmọ̀ tó jókòó.