Ègé Kẹsàn-án Nínú Ríìlì Ọmọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ, torí tí mo bá ki àárín ẹ̀ mọ́lẹ̀, màá ṣì í sọ. Ọmọ mi obìnrin, òun nìkan ni mo bí, iṣẹ́ àwòrán tó ń rìn ló kọ́. Ẹ mọ àwọn àwòrán inú tẹlifíṣọ̀n tó ń sáré, tó ń fò, tó ń bára wọn jà? Ẹnì kan ló jókòó tì wọ́n tó ń mú wọn rìn, díẹ̀díẹ̀, àwòrán mẹ́rìnlélógún fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ fún mi, mo ní, "Ìṣẹ́jú àáyá kan? Kí n tó sín, ó ti tán!" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni Màámi, ọjọ́ méjì ni mo sì fi ṣe é."

Sítúdíò kan ń wá ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọn ò bèèrè ìwé ẹ̀rí. Ríìlì ni wọ́n ní kó fi ránṣẹ́, ìyẹn fídíò kékeré téèyàn máa ń to àwọn ègé iṣẹ́ tó dáa jù lọ́wọ́ ẹ̀ sí. Tó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọn ò gbà mọ́. Látìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú, ó ti fi ríìlì ránṣẹ́ síbi mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn, kódà kí wọ́n ní rárá. Ó wá sọ fún mi pé tí èyí náà ò bá bọ́ sí i, òun máa pa iṣẹ́ náà tì, òun á lọ máa gbé fóònù níléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ọmọ mi kì í pariwo. Tó bá ti sọ nǹkan wẹ́rẹ́ báyẹn, ó ti parí nínú ẹ̀ nìyẹn.

Ó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo jókòó sétí fèrèsé, mò ń ṣẹ́ etí kọ́tìnnì tí wọ́n ní kí n bá wọn rán. Òun wà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń bá obìnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ̀rọ̀, ojú obìnrin náà wà lójú fóònù. Ọ̀gá Gé-e ni mò ń pè é lẹ́yìn, torí kò mọ ọ̀rọ̀ míì. Èmi tí mò ń fi sísọ́ọ̀sì jẹun gan-an ò gé nǹkan tó ìyẹn.

"Ègé mẹ́sàn-án?" Ọ̀gá Gé-e ló ń sọ̀rọ̀. "Ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀? Ta ló fẹ́ jókòó wò ó tán?"

"Bí mo ṣe ń kọ́ṣẹ́ bọ̀ ni mo ṣe tò ó, mà. Kí wọ́n lè rí i pé mò ń tẹ̀ síwájú."

"Ìtàn ìgbésí ayé ẹ ni wọ́n ní kó o sọ ni? Ẹni tó máa wò ó ti wo ogójì láàárọ̀ yẹn, ojú ti ń ta á. Ìwọ wá fi bọ́ọ̀lù tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún ṣíde. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni ò ní bọ́ọ̀lù? Tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ ò bá mú un, ó ti pa á dé. Gé bọ́ọ̀lù."

Ó gé bọ́ọ̀lù.

"Èyí tó dáa jù ni kó ṣíwájú. Èyí tó tẹ̀ lé e, òun ni kó kẹ́yìn. Ìyókù á wà láàárín. Èyí tó bá ń ṣe ẹ́ bíi pé kó o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú sí i, gé e. Ègé kan tí ò dáa, òun ni wọ́n máa fi díwọ̀n gbogbo ẹ̀."

Wọ́n ń gé, wọ́n ń gé, ó ku mẹ́rin. Ọmọbìnrin tó ń gbé àpótí wúwo, ológbò tó ń fò gun ògiri, àwọn méjì tó ń jà nítorí ìjókòó, àti ègé kẹsàn-án, bàbá àgbàlagbà kan tó fẹ́ dìde lórí àga. Ọ̀gá Gé-e ní kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ àtèyí tí kì í ṣe tiẹ̀. Ọmọlangidi inú kọ̀ǹpútà tó ń mú rìn yẹn, ẹlòmíì ló ṣe é tó kan eegun sí i lára. Ohùn àwọn oníjà, ẹlòmíì ló ni ín. Tiẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń mira. Ìyẹn wù mí, kéèyàn má jẹ oyè olóyè.

Ọ̀gá Gé-e tún ègé kẹsàn-án wò. Ó ní, "Bàbá yìí ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀. Òun náà ló bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tó gbìyànjú, ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó wá dìde, wo ìdí ẹ̀, wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Gbogbo ara ẹ̀ ti ṣubú sápá òsì, ẹsẹ̀ ò sí lábẹ́ ẹ̀. Kí ló gbé e dúró? Afẹ́fẹ́? Èèyàn gidi á ti lulẹ̀."

"Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, mà. Inú fídíò ni mo ti wò ó."

"Padà lọ wo fídíò náà. Tí kò bá tún un ṣe, má fi sí i." Ó sì gé fóònù.

Mo dìde láti wò ó, bí ẹni tó fẹ́ na ẹsẹ̀. Ẹ gbọ́, ọmọlangidi yẹn ò jọ ẹnì kankan. Orí ẹ̀ rí roboto, kò ní irun, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ojú. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá itan ẹ̀, pa, pa, ó tẹ síwájú, ìdí ẹ̀ gbé kúrò lórí àga díẹ̀, ó sì padà jókòó. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá ẹ nìyẹn."

Kò yíjú sí mi. "Òun ni, Màámi."

"Ta ló ní kó o máa ya fídíò ẹ̀ nígbà tí kò lè gbé ara ẹ̀? Bàbá ẹ tí ò jẹ́ kí àbúrò ẹ̀ gan-an rí òun lórí bẹ́ẹ̀dì? Tó jẹ́ pé tí àlejò bá kanlẹ̀kùn, màá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì? Ìwọ fẹ́ gbé e fún àwọn tí a ò mọ̀ rí kí wọ́n máa wò ó?"

"Òun ló ní kí n yà á." Ohùn ẹ̀ ò sókè. "Ó ní kí n yà á dáadáa, pé tóun bá ti ń rìn padà, a máa jókòó wò ó, a máa fi òun rẹ́rìn-ín."

Mi ò mọ̀. Inú ilé kan náà, mi ò mọ̀. Mo fa ìjókòó, mo ní kó ṣí fídíò náà fún mi.

Bàbá ẹ̀ wà nínú ẹ̀ tòun ti súẹ́tà aláwọ̀ ewé yẹn. Ó gbá itan, "Ó yá, ọ̀gágun!" Ara ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó gbìyànjú, ó jókòó. Ó tún gbìyànjú, ó jókòó, ó mí, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó ń ronú nǹkan míì. Lẹ́yìn náà ni mo rí ara mi tí mo wọlé láti apá òsì, mo ki apá bọ abíyá ẹ̀, mo gbé e. Ó fi gbogbo ara ẹ̀ tì mí. Báyẹn la ṣe máa ń ṣe é, ó ti mọ́ wa lára.

Mo ní, "Wò ó. Ọ̀gá ẹ bèèrè ohun tó gbé e dúró. Èmi ni. O yọ mí kúrò, o wá fi ọkọ mi sílẹ̀ kó dà tì."

Ó wò ó títí. "Ọmọlangidi kan ṣoṣo ni mo ní nígbà yẹn," ó ní. "Mo kàn wò ó bó ṣe rí, mò ń ṣe é. Mi ò tiẹ̀ rí yín, Màámi. Ẹ má bínú."

"Fi mí sí i nígbà náà."

"Èèyàn méjì tó di ara wọn mú? Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì dájú. Ọ̀la ni."

Ó ní òun lè ti ìdí ẹ̀ wá sórí ẹsẹ̀, kó dìde fúnra ẹ̀. Ó tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ níṣojú mi, bàbá náà dìde gbọnrangandan bíi sójà. Àwa méjèèjì wò ó. Ó tẹ nǹkan, bàbá náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bàbá ẹ̀ ò dìde báyẹn rí látìgbà tí àìsàn ti dá a jókòó, àfi ká máa purọ́ fúnra wa.

"Ó ku ọ̀nà kan," ó ní. "Kí n gé e síbi tó ti jókòó lẹ́ẹ̀kejì. Títí débẹ̀, kò sóhun tó ṣe é."

"Tí kò sì ní dìde?"

"Kò ní dìde, Màámi. Tẹ́ ẹ bá sì ní kí n yọ ọ́ pátápátá, màá yọ ọ́. Mẹ́ta náà á lọ."

Ọ̀rọ̀ wá dé ọ̀dọ̀ mi. Mẹ́ta yẹn, mo ti wò wọ́n. Wọ́n dáa, ṣùgbọ́n ibi mẹ́fà ti rí irú wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo ro bàbá ẹ̀ tó gbà kí wọ́n ya fídíò yẹn torí ó rò pé òun máa rìn. Kò gbà á pé kí wọ́n gé e síbi tóun ò ti lè dìde. Mo padà sídìí kọ́tìnnì, mo rán ẹsẹ̀ kan tán, mo tú u torí ó wọ́. Ọmọ náà ò kán mi lójú. Ó jókòó, ó káwọ́ lẹ́rán.

Mo ní, "Nígbà tó jókòó lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ojú ò tì í. Àbí ojú tì í?"

"Ojú ò tì í, Màámi. Ó ń sinmi ni."

"Jẹ́ kó sinmi kí wọ́n rí i. Má gé e pàrà bí ẹni gé okùn."

Ó fi ọwọ́ méjì nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá di mẹ́jọ. Ó jẹ́ kó jókòó, kó mí, kí ọwọ́ bọ́ sórí orúnkún, ó wá fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i kí ojú àwòrán tó ṣókùnkùn. Ẹ̀yìn ló fẹ́ tò ó sí. Ó ní òun ò lè wò ó níwájú. Mo ní ṣé ọ̀gá ẹ ò sọ pé wọn kì í wò ó dé ẹ̀yìn? Ó gbé e síwájú, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ lẹ́yìn orúkọ ẹ̀ àti ímeèlì ẹ̀. Àwọn oníjà ló fi parí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógójì, gbogbo ẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́, ó ṣí i lórí fóònù mi láti rí i pé ó ń ṣí.

Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n pè é lórí fídíò, àwọn mẹ́ta láti sítúdíò náà. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò gbẹ́sẹ̀. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ní, "Bàbá inú ègé àkọ́kọ́ yìí, kí ló dé tí kò dìde?"

Ọmọ mi ní, "Ẹni tó máa gbé e dìde ò tíì wọlé ni, sà."

Mi ò gbọ́ nǹkan míì, etí mi ń hó. Nígbà tó jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọjọ́ Ajé ni òun máa bẹ̀rẹ̀, pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n máa fi wo ọwọ́ òun. Mo ní ẹ ṣeun Olúwa. Mo ní, "Lẹ́yìn ohun tó o sọ yẹn, kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan, Màámi. Wọ́n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un wò."